Àkàtàǹpó Tí A Fà Tí A Kò Ta

Ìda oyin ni mo ń fi kun ọsán ọrun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ní Igbó-Elérin nígbà tí ọ̀rẹ́ mi wọlé tòun ti ẹrù kan tó fi àǹkárá wé. Bí a bá ti fi ìda pa okùn ọsán, a ó fi awọ pẹlẹbẹ gbo ó títí yóò fi gbóná, kí ìda lè wọ inú rẹ̀. Mi ò lè fi í sílẹ̀ láàárín, nítorí náà orí ni mo mì sí i.

“Wá wo nǹkan,” ó ní. “Má fọwọ́ ìda kàn án o.”

Ó tú aṣọ náà. Àkàtàǹpó ni. Kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọdé ń fi rọ́bà so mọ́ igi ẹlẹ́ka méjì láti fi sọ aláǹgbá lókò. Àkàtàǹpó àwọn ọdẹ ayé àtijọ́ ni: ọrun kúkúrú kan tí wọ́n dè ní ìbú mọ́ orí igi tó dà bí ìdí ìbọn. Ó ní káfíńtà kan ní Okokomaiko ló bá òun gbẹ́ ẹ.

“Bàbá onílẹ̀ pápá wa máa yọ̀ tó bá rí i,” ó ní. “Ṣé o mọ̀ pé kò sí ìgbà tá a débẹ̀ tí wọn kì í sọ ìtàn àkàtàǹpó bàbá wọn?”

Mo mọ̀. Èmi náà ń bẹ níbẹ̀ nígbà gbogbo.

Tíṣà obìnrin ni ọ̀rẹ́ mi, ará Èkìtì ni, Ìbà Housing Estate ló ń gbé. Ibi tí mo ti ń ta òwú àti abẹ́rẹ́ la ti mọ ara wa. Ó wá ra òwú tó nípọn, mo bi í pé kí ló fẹ́ fi rán, ó ní ọsán ọrun tó já ni. Mi ò tíì rí ọrun rí yàtọ̀ sí ti inú àwòrán. Òun ló kọ́ mi ní títa. Èmi, tí mo kàwé dé sẹ́kọ́ńdìrì nìkan, mo rí i pé ọwọ́ mi gba ọsán ṣíṣe, ojú mi sì gba wíwo ènìyàn. Bí a ṣe dá ẹgbẹ́ kékeré kan sílẹ̀ nìyẹn, àwa méjèèjì, tí a ń ta ọfà ní Sátidé pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti àwọn ará estate. Òun ló ń sọ̀rọ̀ fún wa níta. Èmi ni mo ń ṣe ọsán, èmi ni mo sì ń fọn fèrè.

Fèrè náà kì í ṣe ohun eré. Gbogbo wa máa ń tò sórí ìlà kan. Bí mo bá fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ẹ lè ta. Bí mo bá fọn ọ́n léraléra, ẹ dá ọsán padà, ẹ gbé ọrun sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kọjá ìlà lọ mú ọfà rẹ̀ títí n ó fi sọ pé ó yá. Mo máa ń ka òfin yìí sókè ní gbogbo Sátidé, bí ẹni ń ka àdúrà, débi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi ohùn mi ṣe yẹ̀yẹ́.

Pápá tí à ń lò wà lẹ́yìn àwọn ilé àtijọ́ ní Ìbà. Bàbá kan, ọmọ bíbí ìlú náà, ló ni ín. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ wa. Àmọ́ àwọn ọmọ wọn fẹ́ fi ibẹ̀ kọ́ yàrá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì ti ń sọ fún Bàbá pé eré wa máa pa ènìyàn lọ́jọ́ kan. Bàbá wá ní àwọn máa wá wò wá ní Sátidé. Tí àwọn bá rí i pé eré wa kò lè ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, àwọn á sọ fún àwọn ọmọ àwọn pé kí wọ́n ní sùúrù. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ká kó ẹrù wa. Ìdí tí ọ̀rẹ́ mi fi gbé àkàtàǹpó wá nìyẹn, kí inú Bàbá lè yọ́ sí wa.

“Ó le ju ọrun wa lọ ní ìlọ́po mẹ́ta,” ó ní. “Ìyẹn ni pé ọfà rẹ̀ á lọ jìnnà ní ìlọ́po mẹ́ta.”

“Kò rí bẹ́ẹ̀.”

“Ìwọ náà ti dé nìyẹn, ọ̀gá onímọ̀.”

Mo nu ọwọ́ mi, mo sì mú ọrun gígùn kan tó fara ti ògiri. Igi rẹ̀ ga tó mi. Mo fà á díẹ̀díẹ̀ kí ó lè rí i. Gbogbo gígùn igi náà ló ń tẹ̀, ọsán ń bọ̀ láti iwájú títí ó fi dé ẹ̀bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Bí ọ̀nà tó ń rìn bá ṣe ń gùn sí i ni agbára ń wọ inú igi sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi àti èjìká mi ló ń gbé e, kò sì sí ohun tó dì í mú ju ìka mi lọ. Kò pẹ́ tí apá mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo rọra dá ọsán padà, igi náà nà, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

“Wò ó,” mo ní. “Mo fà á, mo yí ọkàn padà, mo dá a padà. Fa tìẹ.”

Ó ki ẹsẹ̀ bọ inú irin tó wà ní iwájú àkàtàǹpó náà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọsán mú, ó sì na ẹ̀yìn rẹ̀ tagbára-tagbára. Ọsán náà kò rìn ju ìbú ọwọ́ méjì lọ kí ó tó bọ́ sínú kòtò kékeré tí káfíńtà gbẹ́ sí ẹ̀yìn igi. Ó dúró síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi jọ̀wọ́ rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Èmi ò di nǹkan kan mú mọ́! Mo lè máa jẹ ẹ̀pà báyìí.”

“Òótọ́ ni. Igi ló ń dì í mú báyìí. Àmọ́ gbogbo agbára tó o fi fà á kò lọ síbì kankan. Ó jókòó sínú apá ọrun tó tẹ̀ yẹn. O lè lọ sùn, kó o padà wá bá a.”

Mo wá ṣàlàyé èkejì fún un. Kì í ṣe líle nìkan ló ń sọ bí agbára ṣe pọ̀ tó. Ọ̀nà tí ọsán rìn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àkàtàǹpó le, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ kúrú. Ọrun wa rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ gùn. Apá àkàtàǹpó sì nípọn, díẹ̀ lára agbára náà ni òun fúnra rẹ̀ máa lò láti fi nà padà kí ìyókù tó kan ọfà. Ó máa le ju ti ọrun wa lọ lóòótọ́, àmọ́ kò tó ìlọ́po mẹ́ta.

“Ó dáa,” ó ní. “Báwo ni mo ṣe máa wá dá a padà bíi tìẹ?”

“O ò lè dá a padà. Ó le jù fún ọwọ́. Tí ọwọ́ ẹ bá yọ̀, á ṣẹ́ ẹ ní ìka. Títa nìkan ló kù.”

“Tí n kò bá fi ọfà sí i ńkọ́? Kí n kàn tẹ irin ìsàlẹ̀ tó ń tú ọsán sílẹ̀.”

“Ìyẹn ló burú jù. Ọfà ló ń gba agbára yẹn lọ. Tí kò bá sí ọfà, inú igi ni gbogbo rẹ̀ máa padà sí. Igi á fọ́, ọsán á já. Má sì jẹ́ kí àtàǹpàkò ẹ wà lókè igi níbi tí ọsán ń gbà kọjá.”

A gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, ó fi ọfà kúkúrú kan sí i, ó ta á sínú àpò yanrìn. Ọfà náà wọlé dé ìrù.

Ibẹ̀ la ti jọ ṣe àdéhùn. Mo sọ fún un pé òfin fèrè mi, ti ọrun gígùn ni. “Gbé ọrun sílẹ̀” kò ṣeé sọ fún ẹni tó ti fa àkàtàǹpó. Tí mo bá fọn fèrè léraléra nígbà tó ti fà á, kí ó má gbé e sílẹ̀. Kí ó dúró, kí ó kọjú rẹ̀ sí òkìtì yanrìn tó wà lẹ́yìn àmì, kí ó má fi ìka kan irin ìsàlẹ̀, títí n ó fi sọ fún un pé kó ta á sínú òkìtì náà. Kí ó ta á tán kí ẹnikẹ́ni tó kọjá ìlà.

“Mo gbọ́,” ó ní.

“Tún un sọ fún mi.”

“Ah, ìwọ obìnrin yìí! Ṣé ọmọ kíláàsì ẹ ni mí ni?” Ṣùgbọ́n ó tún un sọ, kò yẹ ọ̀rọ̀ kan. Mo bá a ṣe ọsán tó nípọn sí i ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ní Sátidé, Bàbá dé pẹ̀lú àga wọn. A fi wọ́n jókòó lẹ́yìn ìlà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tébù tí à ń kó ẹrù sí. Jẹnẹrétọ̀ ilé ìtẹ̀wé tó wà ní ẹ̀gbẹ́ pápá ń pariwo bí ó ti máa ń ṣe. Mo ka òfin sókè. Mo fọn fèrè. Àwọn tó ń lo ọrun gígùn ń fà, wọ́n ń ta, wọ́n ń mú òmíràn. Ọ̀rẹ́ mi wà ní òpin ìlà. Kí ó tó ki ẹsẹ̀ bọ irin, kí ó fà, kí ó fi ọfà sí i, kí ó gbé e dé èjìká, akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti ta tirẹ̀ kan, ó ta èkejì, ó sì ti ń mú ẹ̀kẹta.

“Màdáámù, ẹran tẹ́ ẹ fẹ́ pa ti délé o!” akẹ́kọ̀ọ́ náà sọ fún un.

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. “Bẹ́ẹ̀ náà ni ti bàbá mi,” wọ́n ní. “Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n máa ń ta. Àmọ́ wọ́n lè fà á sílẹ̀ kí wọ́n jókòó ti ọ̀yà nínú àbàtà títí.”

Inú ọ̀rẹ́ mi dùn sí èyí. Ó ta ọfà àkọ́kọ́, ó bá àmì. Bàbá pàtẹ́wọ́. Ó tún fà á, ó fi ọfà sí i, ó gbé e dé èjìká.

Ìgbà yẹn ni ewúrẹ́ kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ pápá wọlé. Mo fọn fèrè léraléra. Gbogbo àwọn tó ń lo ọrun gígùn dá ọsán padà, wọ́n gbé ọrun wọn sílẹ̀. Òun nìkan ló kù lórí ìlà, àkàtàǹpó rẹ̀ kọjú sí òkìtì yanrìn bí a ṣe sọ. Ó wúwo ní iwájú. Mo rí i tí apá rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀.

“Màdáámù, ogun ti parí o, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀!” ẹnì kan ní, wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Mo sún mọ́ ọn, mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́ sí i létí. “Má dá wọn lóhùn. Mò ń lé ewúrẹ́ yìí jáde. Ẹnikẹ́ni kò ní kọjá ìlà. Tí mo bá ti jáde ní géètì, ta á sínú òkìtì.”

“Mo gbọ́. Yára.”

Mo lé ewúrẹ́ náà jáde, mo sì dúró ní géètì sọ fún ẹni tó ni í pé kí ó so ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, ọ̀rẹ́ mi ti kúrò lórí ìlà. Ó ń bá Bàbá sọ̀rọ̀. Àkàtàǹpó wà lórí tébù, ó ti fi àǹkárá rẹ̀ bò ó.

“Ṣé o ti ta á?”

“Mo ti ta á. O ò gbọ́ ni?”

Mi ò gbọ́, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, mo sì jìnnà. Mi ò ṣí aṣọ wò. Ọ̀rẹ́ mi ló sọ ọ́. Mo yíjú sí ìlà, mo ní ó yá, gbogbo wọn sì kọjá lọ mú ọfà wọn.

Kò tíì ta á. Ó ti yọ ọfà kúrò lórí rẹ̀, ó sì gbé e sílẹ̀ ní fífà. Lẹ́yìn náà ni mo wá ro ìdí rẹ̀ já: kò fẹ́ kí Bàbá rí i bí ó ṣe ń dá dúró níbẹ̀ tí wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fẹ́ kí ó dà bí ẹni pé nǹkan òun náà rọrùn bíi ti àwọn yòókù.

Bàbá ṣí aṣọ náà. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n gbé àkàtàǹpó náà bí ènìyàn ṣe ń gbé ìbọn, wọ́n gbé e sí èjìká, àtàǹpàkò òsì wọn wà lókè igi. Ìka wọn sì tẹ irin ìsàlẹ̀. Mo kọ ẹ̀yìn sí wọn; àwọn tó rí i ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà. Ohun tí mo gbọ́ dà bí ìgbà tí ẹ̀ka igi bá ya lójijì. Apá kan àkàtàǹpó náà ti fọ́, ọsán tí mo ṣe ti já. Bàbá di ọwọ́ òsì wọn mú. Ọsán náà ti gbá àtàǹpàkò wọn kí ó tó já, ó ti la á dé eegun.

Mo fi ìborí mi wé ọwọ́ wọn. Bí mo ṣe ń wé e, mò ń wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n dúró ní iwájú àmì, tí ọfà wọn wà lọ́wọ́, tí wọ́n ń wò wá. Ìhà ọ̀dọ̀ wọn ni ẹnu àkàtàǹpó náà kọjú sí. Ká ní ọfà wà lórí rẹ̀ ńkọ́?

“Ta ló fa nǹkan yìí sílẹ̀?” Bàbá ní.

Ọ̀rẹ́ mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Bàbá, ẹ máa bínú. Fèrè ni Màdáámù fọn. Gbogbo wa la mọ òfin wọn: tí wọ́n bá ti fọn ọ́n, ká gbé e sílẹ̀. Mo gbé e sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ.”

Látìgbà tí a ti mọ ara wa, kò pè mí ní Màdáámù rí. Kò sì sọ “wọn” fún mi rí. Mo wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ èdè.

“Kí la jọ sọ nílé mi?” mo bi í.

“Nílé yín? Nípa kí ni, Màdáámù?”

“Mo bi ọ́ pé ṣé o ti ta á. O ní o ti ta á.”

“Ariwo jẹnẹrétọ̀ yẹn pọ̀,” ó ní, ó sì yíjú sí àwọn ènìyàn. “Bóyá wọn ò gbọ́ mi dáadáa ni.”

Kò sí ẹni tó wà nílé mi lọ́jọ́ yẹn. Kò sí ẹni tó gbọ́ ohun tí mo sọ kẹ́lẹ́ sí i létí. Àmọ́ gbogbo wọn ló ti gbọ́ òfin fèrè, gbogbo Sátidé, láti ẹnu èmi fúnra mi. Mo rí i lójú wọn bí wọ́n ṣe ń rántí rẹ̀.

Wọ́n rán ọwọ́ Bàbá ní ilé ìwòsàn. Láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n pè wá sílé wọn. Àwa méjèèjì àti akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ẹgbẹ́ rán wá la jókòó sí pálọ̀ wọn. Báńdéèjì funfun wà lọ́wọ́ Bàbá.

“Bàbá mi kì í gbé àkàtàǹpó wọlé ní fífà,” wọ́n ní. “Kó tó kan ilé, á ti ta á mọ́ ìdí ọ̀pẹ. Ìwọ tó ò ń fọn fèrè, ṣé o kò mọ ìyẹn?”

“Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá. Mo sọ ọ́ fún un.”

“Ta ló wà níbẹ̀?”

“Àwa méjèèjì ni, Bàbá.”

Wọ́n wo ọ̀rẹ́ mi. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mo rò pé ó máa sọ̀rọ̀. Mo dúró dè é gan-an. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ń wo ilẹ̀.

Bàbá mí kanlẹ̀. Wọ́n ní ẹgbẹ́ lè máa lo pápá náà lọ. Àwọn ò fẹ́ rí àkàtàǹpó níbẹ̀ mọ́. Tíṣà ni kó máa fọn fèrè, nítorí ó mọ bí wọ́n ṣe ń darí ọmọ. Ní tèmi, wọ́n ní kí n lọ sinmi nílé. Ohùn wọn kò le. Bóyá ìyẹn ló mú kó dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo yọ fèrè náà lọ́rùn, mo fi í sórí tébù wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọ̀rẹ́ mi wá sílé mi. Kò jókòó. Ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, báàgì ilé-ìwé rẹ̀ ṣì wà ní èjìká.

“Mo mọ̀ pé inú ń bí ẹ,” ó ní. Ó ti padà sí “ìwọ”.

Mo ń ká òwú tó wà lọ́wọ́ mi lọ.

“Gbọ́ mi ná. Èmi ni mo gbé nǹkan yẹn wá. Tí wọ́n bá mọ̀ pé èmi náà ni mo fi í sílẹ̀ ní fífà, tí mo sì parọ́, pápá ni wọ́n máa gbà. Gbogbo wa la máa lọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ fèrè ló fà á, ẹni tó ń fọn ọ́n nìkan ni wọ́n máa pààrọ̀. O mọ̀ pé òótọ́ ni mo sọ. Ìwọ lo máa ń ro nǹkan já.”

“O ti ro ó já kí Bàbá tó béèrè,” mo ní. “Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń kán.”

“Kí lo fẹ́ kí n ṣe?”

“Kó o sọ fún wọn pé a jọ sọ ọ́. Ìyẹn nìkan. Kó o sọ pé mo kìlọ̀ fún ẹ.”

Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí àwọn aládùúgbò ti ń tan iná. Mo rí i pé ó ń rò ó. Mo tiẹ̀ sún síwájú díẹ̀, kí n lè gbọ́ ọ dáadáa.

Ó tún báàgì rẹ̀ gbé sí èjìká, ó yí padà láti máa lọ.

“Ti ilẹ̀kùn ẹ,” ó ní. “Ẹ̀fọn ń wọlé.”